Láílákì nínú gbọ̀ngàn tó ní kápẹ́ẹ̀tì pupa àti iná yẹ́lò

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àbúrò mi obìnrin máa ṣe ìgbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀. Láílákì àti sílífà ni wọ́n mú, èmi ni wọ́n sì fa ọ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn lé lọ́wọ́. Mo ti ra sátínì sílífà mítà 12 àti pákẹ́ẹ̀tì bàlúùnù láílákì kan, 100 ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo wá dé gbọ̀ngàn lálẹ́, mo rí i pé kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ pupa bíi wáìnì, ògiri rẹ̀ kírímù, iná rẹ̀ sì yẹ́lò. Mo fẹ́ bàlúùnù kan, mo gbé e mọ́ ògiri, ńṣe ló dà bí eérú. Ṣé kí n ní kí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ ni? Kí ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ rà nínú aṣọ, bàlúùnù àti òdòdó?*

Ẹ má ní kí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀. Láílákì ṣì máa ṣeé lò níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe láílákì tó wà nínú pákẹ́ẹ̀tì yẹn, kì í sì í ṣe bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ mọ́ sílífà nìkan. Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ ó gé díẹ̀ lára aṣọ yẹn dání lọ ra bàlúùnù, ẹ ó sì mú un dání lọ bá ẹni tó ń ta òdòdó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra aṣọ gan-an, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe bàlúùnù yẹn lálẹ́, torí ohun kan náà ló máa ṣe aṣọ àti òdòdó tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n.

Iná ni. Búlúù díẹ̀ tó wà nínú láílákì ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára píǹkì. Iná yẹ́lò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ní búlúù nínú, nítorí náà kò sí ohun tí bàlúùnù fẹ́ dá padà fún ojú. Ohun tó kù nígbà tí búlúù bá ti lọ ni píǹkì tó ti ṣá, tó fẹ́ jọ eérú. Ẹ wo ara gílóòbù tàbí páálí rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà K tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ 2700K tàbí 3000K, iná yẹ́lò nìyẹn, pupa àti wúrà àti kírímù á máa dán lábẹ́ rẹ̀, búlúù àti láílákì á máa kú. Tó bá jẹ́ 4000K, ó ti ń funfun bọ̀. Tó bá ti tó 5000K sókè, ó ti ń súnmọ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láílákì á sì yọ bó ṣe yọ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ rà á. Ẹ bi alábòójútó gbọ̀ngàn bóyá wọ́n lè pààrọ̀ kìkì àwọn gílóòbù tó kọjú sí ibi tí ọkọ àti ìyàwó máa jókòó sí 4000K. Ìyẹn nìkan á tún nǹkan ṣe ju aṣọ olówó ńlá lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 6500K síbẹ̀ o, torí ó máa ń mú kí ojú èèyàn rí bíi ti aláìsàn nínú fọ́tò.

Tí wọn kò bá gbà láti pààrọ̀ gílóòbù, ẹ yí láílákì yẹn síhà píǹkì díẹ̀, kí ó sì ki ju èyí tó wà lọ́wọ́ yín lọ. Láílákì tó ti fẹ́ẹ́rẹ́ jù, tó tún ní búlúù púpọ̀, ni iná yẹ́lò máa ń pa. Èyí tó ki díẹ̀, tí píǹkì inú rẹ̀ hàn, á ṣì jẹ́ láílákì lójú ẹni tó bá wọlé.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Ẹ ra ìdajì mítà ìdajì mítà lára láílákì mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Ẹ padà lọ sí gbọ̀ngàn ní irú wákàtí tí àríyá máa wáyé, kí ẹ ní kí wọ́n tan gbogbo iná tí wọ́n máa tàn lọ́jọ́ náà. Ẹ so aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ sára ògiri níbi tí wọ́n máa wà gan-an. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, torí bí iná ṣe ń bà lé aṣọ tó wà nílẹ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe ń bà lé èyí tó rọ̀. Ẹ wá rìn padà dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó wò ó. Aṣọ tó yàtọ̀ síra dáadáa lọ́wọ́ yín lè di ọ̀kan náà láti ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni àlejò ti máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, àmọ́ ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́ jù, torí fóònù máa ń fúnra rẹ̀ tún àwọ̀ iná ṣe, ó sì lè fi láílákì kan hàn yín tí kò sí nínú gbọ̀ngàn náà rárá.

Ní ti kápẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé òun gan-an ló ń já yín láyà. Àwọn kan máa ń sọ pé kí wọ́n fi aṣọ funfun bo gbogbo ilẹ̀. Èmi kì í fara mọ́ ọn. Aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì máa ń ká jọ, ó ń fa gìgísẹ̀ bàtà, ó sì lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí tábìlì bá ti wọlé, tí èèyàn sì ti jókòó, kápẹ́ẹ̀tì tí ojú ń rí kò pọ̀ mọ́, àárín ọ̀nà àti ibi ijó ló kù. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a máa ń gba àwọ̀ tí a kò lè lé lọ wọlé. Pupa yẹn kò bára mu nísinsìnyí nítorí pé òun nìkan ló dá wà nílẹ̀, kò sí ohun kan lókè tó jọ ọ́. Tí ẹ bá fi àwọ̀ wáìnì díẹ̀ sínú òdòdó orí tábìlì, díẹ̀ sínú òdòdó ẹ̀yìn ìyàwó, àti ríbọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sára aṣọ ìnuwọ́, ojú á gbà pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ mú kápẹ́ẹ̀tì yẹn ni.

Àwọ̀ yín ti wá di kírímù, láílákì, wáìnì, pẹ̀lú sílífà níbi tó bá ti ń dán. Tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ kò ka ilẹ̀ mọ́ ọn, kí nǹkan bíi 60 nínú 100 ohun tí ẹ rí jẹ́ kírímù, kí 30 jẹ́ láílákì, kí wáìnì àti sílífà pín 10 tó kù. Ògiri yín ti jẹ́ kírímù tẹ́lẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé ògiri nìkan ti gbé èyí tó pọ̀ jù lára 60 yẹn fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi aṣọ tábìlì kírímù kún un, kí ẹ má lo funfun báláú. Funfun báláú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kírímù máa ń sọ ògiri náà di ohun tó jọ pé ó dọ̀tí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni.

Ó wá ku aṣọ ẹ̀yìn ọkọ àti ìyàwó. Ẹ kò sọ bí ògiri yẹn ṣe fẹ̀ tó, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi mítà 6 ní fífẹ̀ àti mítà 3 ní gíga ṣírò, kí ẹ wá fi tiyín rọ́pò. Aṣọ tí kò bá ká wọ́ọ́wọ́ máa ń rí bíi bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tí wọ́n sá sórí okùn. Kí ó tó lè ká dáadáa, fífẹ̀ aṣọ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ ògiri. Ìyẹn ni pé mítà 12 ní fífẹ̀ ni ẹ nílò. Tí aṣọ tí wọ́n ń tà bá fẹ̀ tó mítà 1.5, ìró 8 ni yóò gbé mítà 12. Ìró kọ̀ọ̀kan á gùn ní mítà 3, ẹ fi 20 sẹ̀ntímítà kún un fún ìṣẹ́tí òkè àti ìsàlẹ̀. Mítà 3.2 lọ́nà 8 jẹ́ mítà 25.6, torí náà ẹ ra mítà 26. Nínú ìró 8 yẹn, kí 5 jẹ́ kírímù, kí 3 jẹ́ láílákì, kí láílákì sì wà ní àárín níbi tí ìyàwó máa jókòó. Ẹ má tò wọ́n ní ọ̀kan kírímù, ọ̀kan láílákì, torí ìlà ìlà yẹn á máa gba ojú kúrò lára àwọn tó jókòó.

Ṣífọ́ọ̀nù ni mo fẹ́ kí ẹ rà fún ògiri. Sátínì máa ń dán, níbi tí iná bá ti bà á ní tààrà, àwọ̀ rẹ̀ á funfun, níbi tó bá ti ká wọlé, àwọ̀ rẹ̀ á ṣókùnkùn, láílákì kan ṣoṣo á wá di mẹ́ta sára ògiri kan. Ṣífọ́ọ̀nù kì í dán bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó máa ń hàn síta, ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì máa yọ lára rẹ̀. Ní tiyín, ògiri kírímù ló wà lẹ́yìn, kò burú. Ká ní fèrèsé tàbí ògiri tó ní búlọ́ọ̀kù pupa ló wà níbẹ̀ ni, ẹ̀ bá ní láti fi aṣọ tó nípọn tẹ́ ẹ lẹ́yìn.

Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: ara ìdìpọ̀ kan náà ni kí wọ́n ti gé gbogbo láílákì yín. Aṣọ tí wọ́n rẹ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀ bí orúkọ àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n tí ìró méjì bá rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i. Ẹ ra mítà kan lé, torí tó bá dín lọ́la, èyí tí ẹ máa padà lọ bá lè má jẹ́ òun mọ́. Kí aṣọ má sì kan gílóòbù tó ń gbóná, kó má bo ẹnu ọ̀nà àbájáde.

Bàlúùnù ló yẹ kí n lo àkókò lé lórí jù, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù lọ. Àwọ̀ tó wà nínú pákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àwọ̀ tí ẹ máa rí. Bí rọ́bà bá ṣe ń nà ló ń fẹ́lẹ́ sí i, bó bá sì ṣe ń fẹ́lẹ́ ni àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Láílákì tó ki díẹ̀ kí ẹ tó fẹ́ ẹ á di láílákì omi-omi tí ẹ bá fẹ́ ẹ dé góńgó. Iná yẹ́lò á wá wọ inú rẹ̀, òun ló sì di eérú lójú yín yẹn. Nítorí náà, bàlúùnù oní-11 ìǹṣì, ẹ má fẹ́ ẹ kọjá 9 tàbí 10 ìǹṣì. Àwọ̀ rẹ̀ á ki sí i, á rí róbótó dípò kó gùn bí ẹyin, kò sì ní yára bẹ́. Kí gbogbo wọn lè dọ́gba, ẹ gé ihò róbótó oní-9 ìǹṣì sára páálí, kí ẹ máa kó bàlúùnù kọ̀ọ̀kan gba ibẹ̀.

Ọgbọ́n kejì ni pé kí ẹ ki bàlúùnù kan bọ inú òmíràn kí ẹ tó fẹ́ méjèèjì papọ̀. Èyí tó wà nínú á máa yọ lára ti òde. Ẹ lè gba láílákì tí ẹ ti rà là bẹ́ẹ̀: ẹ fi píǹkì sínú, kí láílákì yín wà lóde. Búlúù rẹ̀ á rọlẹ̀, iná kò sì ní lè gba inú rẹ̀ kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ fi igi tí ẹnu rẹ̀ kò mú tàbí ìdí bírò ti èyí tó wà nínú wọlé, kí ẹnu àwọn méjèèjì jọ dọ́gba níta. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ti inú díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fẹ́ ti òde, afẹ́fẹ́ á wọ àárín wọn, wọn kò sì ní lẹ̀ mọ́ra. Ẹ fẹ́ ẹyọ kan péré lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ṣífọ́ọ̀nù lábẹ́ iná gbọ̀ngàn kí ẹ tó ra gbogbo píǹkì. Tí píǹkì bá pọ̀ jù lójú, ẹ fi funfun sínú dípò rẹ̀. Àwọ̀ á fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní jọ eérú mọ́.

Èmi kò ní fi bàlúùnù yí gbogbo gbọ̀ngàn ká. Ẹ to ó ní ọ̀wọ́ kan ṣoṣo tó gùn tó mítà 3, kó gùn láti ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún aṣọ ẹ̀yìn, kó sì tẹ̀ sí òkè orí ìjókòó wọn. Irú ìyẹn máa ń gba nǹkan bíi bàlúùnù 100 sí 120 tí ẹ bá da ńlá àti kékeré pọ̀. Kí bíi 60 jẹ́ oní-11 ìǹṣì, kí bíi 50 jẹ́ oní-5 ìǹṣì, kí ńlá mẹ́fà tàbí méje tó tó 16 sí 18 ìǹṣì wà láàárín wọn. Láílákì ni kó pọ̀ jù, kírímù á tẹ̀ lé e, kí wáìnì jẹ́ kìkì àwọn kékeré oní-5 ìǹṣì. Bàlúùnù wáìnì ńlá ò dáa lókè, lábẹ́ iná tí wọ́n bá rẹ̀ sílẹ̀, á dà bí ihò dúdú. Ẹ fi mẹ́wàá mẹ́wàá kún oríṣi kọ̀ọ̀kan fún èyí tó máa bẹ́.

Afẹ́fẹ́ lásán tó fún ọ̀wọ́ yìí, ẹ lè tò ó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tó bá jẹ́ èyí tó ń léfòó lẹ́ fẹ́, tí wọ́n ń fi gáàsì hílíọ́ọ̀mù sí, oní-11 ìǹṣì máa ń dúró lókè fún bíi wákàtí 12 sí 18, nítorí náà àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí wọ́n fẹ́ ẹ. Oní-5 ìǹṣì kò lè gbé ara rẹ̀ dúró nínú gáàsì náà pẹ́, ẹ má fi ṣòfò. Kí oòrùn má sì kan bàlúùnù rọ́bà yín lójú ọ̀nà. Oòrùn máa ń mú kí ara rẹ̀ ṣú, á pàdánù dídán rẹ̀, á dà bíi pé eruku bà lé e. Èyí tó ti rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣeé nù nù.

Òdòdó ló kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ tètè bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀. Má bi í pé ṣé ó ní láílákì. Ẹ fi gígé aṣọ yín hàn án. Òdòdó kì í bá aṣọ mu régé, kò sì gbọ́dọ̀ bá a mu régé, torí tó bá bá a mu tán, á pòórá sínú rẹ̀. Ẹ gba oríṣi mẹ́ta tó súnmọ́ra: èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ ju ṣífọ́ọ̀nù lọ, èyí tó ki jù ú lọ, àti wáìnì. Àwọ̀ rósì láílákì máa ń fẹ́ẹ́rẹ́ sí i bó ṣe ń là, nítorí náà èyí tó ki díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ ni kí ẹ gbà nígbà tó ṣì dì. Kí wọ́n gbé e dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ìdábùú pẹ̀lú ọ̀bẹ tó mú, ẹ já gbogbo ewé tó máa wọ inú omi dànù, kí ẹ sì gbé e síbi tó tutù tí oòrùn kò dé. Bó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó, á ti là dé ibi tó yẹ.

Wáìnì máa ń di dúdú nínú fọ́tò tó bá dá wà. Ẹ máa fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà gbogbo, kí etí ewé òdòdó náà lè hàn. Fún ìkòkò orí tábìlì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ wáìnì méjì tàbí mẹ́ta nínú bíi 12 ti tó. Ẹ tún wo ewé, torí ewé náà jẹ́ àwọ̀. Ewé tútù yọ̀yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láílákì àti pupa á di àwọ̀ karùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò pè. Ẹ ní kó fún yín ní ewé tó ní àwọ̀ eérú díẹ̀ nínú, irú ti yukalíptọ́ọ̀sì.

Ẹ bá ẹni tó ń ṣe iná ijó sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Bó bá fi iná búlúù tàbí iná àwọ̀ ewé kan aṣọ ẹ̀yìn ìyàwó, wáìnì á di dúdú, láílákì á sì di ohun mìíràn pátápátá. Kó fi iná aláwọ̀ sí ibi ijó, kó fi iná funfun tí kò yí sí orí ọkọ àti ìyàwó. Tó bá ní iná dúdú tó ń mú funfun tàn, kó má tàn án: ọ̀pọ̀ aṣọ funfun ló ní kẹ́míkà tó ń tàn bíi búlúù lábẹ́ rẹ̀, èyí tí kò bá ní in kì í tàn, tábìlì yín á sì wá rí bí aṣọ àbùlẹ̀.

Sátínì sílífà mítà 12 tí ẹ ti rà kò ní ṣòfò. Kó má ṣáà gun ògiri. Lábẹ́ iná yẹ́lò, sílífà máa ń gba yẹ́lò sára, tó bá wá pọ̀, á dà bíi páànù àtijọ́. Ẹ gé mítà mẹ́ta nínú rẹ̀ fún tábìlì ọkọ àti ìyàwó, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ kírímù, kó rọ̀ sílẹ̀ níwájú nìkan. Ẹ gé ìyókù sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, 15 sẹ̀ntímítà ní fífẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn àga àwọn tó máa jókòó sí tábìlì ẹbí ọkọ àti ti ìyàwó. Tí sátínì yín bá fẹ̀ tó mítà 1.5, ìró 10 ni ẹ máa rí gé ní fífẹ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gùn ní mítà 9. Ẹ gé ìyẹn sí mẹ́rin mẹ́rin, ẹ ó rí àga 40 so, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ohun tó lé ní mítà 2, ìyẹn sì tó láti ta kókó ńlá kan lẹ́yìn àga. Ẹ fi iná tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ pa etí rẹ̀ kó má bàa máa yọ òwú sára aṣọ àlejò.